Dẹfí Ilé ní Abidjan: Ohun Tó Wà Nínú Owó Mítà Kan

Ìwé tí agbaṣẹ́ṣe máa ń gbé fún onílé ní Abidjan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, dẹfí ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó lè jẹ́ ojú-ìwé méjì, ó sì lè jẹ́ ogún. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe lórí ilé náà ló yẹ kó wà níbẹ̀, ìlà kan fún iṣẹ́ kan, pẹ̀lú iye rẹ̀ àti owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó ń kọ́lé níbẹ̀, ará Ẹjìgbò ni o, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni o, ìsàlẹ̀ ojú-ìwé tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n á rí mílíọ̀nù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n séfà àti ààbọ̀, wọ́n á ní owó náà ti pọ̀ jù, kí ọ̀gá jọ̀wọ́ bá àwọn yọ mílíọ̀nù méjì kúrò. Ọ̀gá á yọ ọ́. Wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́.

Inú ìlà wo ni mílíọ̀nù méjì yẹn ti jáde? Onílé kò mọ̀. Ó lè jẹ́ èrè agbaṣẹ́ṣe ló dín kù. Ó sì lè jẹ́ sìmẹ́ńtì inú òpó ni. Ẹni tó bá ná àròpọ̀ láìmọ ohun tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan kò lè mọ èyí tí wọ́n mú kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká mú ìlà kan ṣoṣo nínú dẹfí, ká tú u wò títí dé ìdí, kí a tó dá a padà sínú àròpọ̀ tó ti wá.

Ta ló ń ka iye iṣẹ́?

Ní Nàìjíríà, níbi tí a ti jogún ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n ka iye iṣẹ́ inú àwòrán ilé, kí wọ́n sì ṣírò owó rẹ̀. Wọ́n ti ní ẹgbẹ́ tiwọn láti ọdún 1969. Bí iṣẹ́ bá tóbi, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni onílé máa ń gbà. Òun ló máa kọ iye gbogbo nǹkan sílẹ̀, àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń du iṣẹ́ náà á sì kọ owó tiwọn sí ìwé kan náà. Nítorí pé iye kan náà ni gbogbo wọn ń kọ owó sí, ó rọrùn láti fi wọ́n wé ara wọn.

Ìlànà àwọn Faransé náà ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, a sì máa ń rí wọn níbi iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ ńlá ní Abidjan. Àmọ́ níbi ilé kékeré tí èèyàn ń fi owó ara rẹ̀ kọ́, agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ka iye, òun náà ló máa ń kọ owó. Bí onílé bá gba dẹfí mẹ́ta lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa rí. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lè jẹ́ ẹni tó gbàgbé iṣẹ́ kan, kó má sì jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló dínwó.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni onílé ní láti yẹ̀ wò nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kó má sì pò wọ́n pọ̀. Èkíní ni iye iṣẹ́, ìyẹn bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Èkejì ni owó ẹyọ, ìyẹn ohun tí mítà kan tàbí kílò kan nínú iṣẹ́ náà máa náni. Àṣìṣe nínú iye kò jọ àṣìṣe nínú owó, ọ̀nà tí a ń gbà mú wọn kò sì jọra.

Iye: ògiri ilé kan ní Bingerville

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan lò: ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ oníyàrá mẹ́ta pẹ̀lú pálọ̀, ní ẹ̀yìn Cocody, lápá Bingerville. Àwọn owó tí mo máa lò, mo yàn wọ́n kí ìṣírò lè yé wa ni. Ẹni tó bá ń kọ́lé gbọ́dọ̀ lọ béèrè owó ọjọ́ náà lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà ní àdúgbò rẹ̀.

Ìlà tí a fẹ́ tú ni ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò, ẹlẹ́sẹ̀ńtímítà 15. Bí a bá yọ àyè tí òpó kọnkéré gbà, ògiri ìta gùn ní mítà 44, àwọn ògiri inú sì gùn ní mítà 36. Gíga wọn títí dé ìdí bíìmù òkè jẹ́ mítà 3. Mítà 80 lọ́nà 3 jẹ́ 240 m². Ibi tí ọ̀pọ̀ dẹfí máa ń dúró sí nìyẹn. Àmọ́ ilé kì í ṣe àpótí, ó ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Fèrèsé 8 wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.20 lọ́nà 1.20, àpapọ̀ wọn jẹ́ 11.52 m². Ilẹ̀kùn 8 wà, 0.90 lọ́nà 2.10, àpapọ̀ wọn jẹ́ 15.12 m². Ilẹ̀kùn ńlá ìta jẹ́ 1.40 lọ́nà 2.40, ìyẹn 3.36 m². Bí a bá ro gbogbo ihò yìí pọ̀, 30 m² gééré ni. Ògiri tí bíríkìlà máa mọ ní ti gidi jẹ́ 210 m².

Lórí owó 9,000 séfà fún mítà kan, ìyàtọ̀ láàárín 240 àti 210 jẹ́ 270,000 séfà. Bí wọn kò bá yọ àwọn ihò wọ̀nyí, onílé á san owó búlọ́ọ̀kù fún ibi tí afẹ́fẹ́ wà, á tún san owó fèrèsé àti ilẹ̀kùn fún ibi kan náà ní abala mìíràn. Èyí kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ èrú. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kan mọ̀ọ́mọ̀ ń fi àwọn ihò kéékèèké sílẹ̀, wọ́n ní gígé búlọ́ọ̀kù yí ihò ká náà ní wàhálà tirẹ̀. Ó ṣeé gbọ́, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ihò tó kéré sí báyìí ni àwọn kò ní yọ. Ohun tí a kò kọ ló ń di ìjà.

Ọ̀nà kan wà tí onílé lè gbà mọ̀ bóyá iye tọ̀nà láìwọn gbogbo ilé náà. Ògiri kan ní ojú méjì. Bí ìwé bá sọ pé ògiri jẹ́ 210 m², ibi tí wọ́n máa rẹ́ gbọ́dọ̀ súnmọ́ 420 m², pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ fún etí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Bí ìlà rírẹ́ bá kọ 600 m², a ní láti béèrè ibi tí ìyókù wà. Bí ó bá kọ 250, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú kan ni wọ́n ṣírò, agbaṣẹ́ṣe á sì padà wá béèrè owó ojú kejì nígbà tí ògiri bá ti dìde tán. Bákan náà ni ìlà ọ̀dà: kò yẹ kó jìnnà sí ibi tí wọ́n rẹ́, bí a bá ti yọ ibi tí táìlì máa bò.

Ohun tó wà nínú 9,000 séfà

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ṣí owó ẹyọ náà. Kí ló ń jẹ́ 9,000 séfà fún mítà ògiri kan?

Búlọ́ọ̀kù la máa kọ́kọ́ kà, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa tó dé láti ilé ti máa ń ṣìrò. Ní Nàìjíríà, búlọ́ọ̀kù wa gùn ní mílímítà 450, ó sì ga ní 225, nítorí náà nǹkan bíi mẹ́wàá ló ń kún mítà kan. Búlọ́ọ̀kù tí a ń lò ní Abidjan kéré sí i: bí a bá ti ro sìmẹ́ńtì àárín wọn mọ́ ọn, sẹ̀ńtímítà 40 lọ́nà 20 ni. Iye tó ń kún mítà kan jẹ́ 12 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá fi òǹkà ilé ra búlọ́ọ̀kù fún 210 m² á ra 2,100, nígbà tí ògiri ń béèrè 2,625 kí a tó ka èyí tó máa fọ́. Iṣẹ́ á dúró láàárín méjì, onílé á sì rò pé wọ́n jí òun ní búlọ́ọ̀kù ni.

Bí a bá fi díẹ̀ kún un nítorí èyí tó fọ́, ó di 13. Ní 350 séfà fún ọ̀kan tí wọ́n gbé dé ibi iṣẹ́, owó búlọ́ọ̀kù jẹ́ 4,550. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń mọ mítà kan jẹ́ nǹkan bíi kílò 7. Bí báàgì oníkílò 50 bá jẹ́ 5,000 séfà, kílò kan jẹ́ 100, kílò méje sì jẹ́ 700. Iyanrìn rẹ̀ jẹ́ 0.02 m³, ní 10,000 séfà fún m³ kan, ó jẹ́ 200. Bíríkìlà kan àti alágbàṣe tó ń pò sìmẹ́ńtì fún un lè mọ mítà 8 lóòjọ́. Bí àwọn méjèèjì bá gba 12,000 séfà, owó iṣẹ́ mítà kan jẹ́ 1,500. Ẹ fi 250 kún un fún irinṣẹ́, omi àti pákó tí wọ́n ń gùn bí ògiri bá ti ga ju orí lọ. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 7,200 séfà. Èyí ni ojúlówó ìnáwó: owó tó máa jáde lápò ẹni tó bá mọ mítà ògiri kan, kódà bí kò bá jẹ èrè kọ́bọ̀.

Láàárín 7,200 àti 9,000, 1,800 séfà wà níbẹ̀. Òun ni owó àfikún, ohun tí ọ̀pọ̀ onílé ń kà sí ìrẹ́jẹ, àmọ́ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ní ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibi iṣẹ́ lóru. Ó ní ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́, ó ní ọkọ̀, ó ní ọ́fíìsì, ó ń san owó-orí. Kò sí ìlà kankan nínú dẹfí tí wọ́n kọ ọ́fíìsì sí, nítorí náà mítà ògiri kọ̀ọ̀kan ní láti gbé díẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdá 8 nínú 100 wà fún ìnáwó ibi iṣẹ́, ìdá 7 wà fún ọ́fíìsì, ìdá 10 jẹ́ èrè àti ààbò bí nǹkan bá yíwọ́. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ìdá 25. Bí a bá sọ 7,200 di ìlọ́po 1.25, 9,000 ló ń fún wa.

Ibì kan wà níbí tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fúnra wọn ti ń ṣubú. Ìdá 25 lórí ìnáwó kì í ṣe ìdá 25 nínú owó tí onílé san. Nínú 9,000, 1,800 jẹ́ ìdá 20 péré. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ kí ìdá 25 nínú owó tó wọlé kù sí òun lọ́wọ́ ní láti fi 0.75 pín 7,200, á sì rí 9,600. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí á kọ 9,000, á máa ná owó bí ẹni tó kọ 9,600, nígbà tí iṣẹ́ bá dé òrùlé, ọwọ́ rẹ̀ á ti gbẹ. Ibẹ̀ ni á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó máa dín kù nínú ilé ẹni ẹlẹ́ni.

Àròpọ̀ abala

Wọ́n ń to àwọn ìlà sí abala gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, abala kọ̀ọ̀kan á sì ní àròpọ̀ tirẹ̀. Ti ilé wa nìyí, ní séfà, kí owó-orí tó wọ̀ ọ́:

| Abala iṣẹ́ | Àròpọ̀ |
|---|---|
| 1. Ìpalẹ̀ ibi iṣẹ́ mọ́ | 600,000 |
| 2. Ilẹ̀ gbígbẹ́ àti ìpìlẹ̀ | 3,900,000 |
| 3. Òpó àti bíìmù kọnkéré onírin | 4,200,000 |
| 4. Ògiri búlọ́ọ̀kù | 1,890,000 |
| 5. Rírẹ́ ògiri | 1,470,000 |
| 6. Òrùlé | 4,000,000 |
| 7. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé | 2,600,000 |
| 8. Iná | 1,500,000 |
| 9. Omi | 1,400,000 |
| 10. Táìlì àti ọ̀dà | 3,440,000 |
| Àròpọ̀ gbogbo | 25,000,000 |
| Owó-orí ọjà, ìdá 18 | 4,500,000 |
| Ohun tí onílé máa san | 29,500,000 |

Ìdá 18 nínú 100 ni owó-orí ọjà ní Côte d'Ivoire. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó-orí láti máa gbà á ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́ sí dẹfí. Agbaṣẹ́ṣe kékeré tí kò ní nọ́ńbà owó-orí, tó sì kọ ìdá 18 sísàlẹ̀ ìwé rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń gbà á fún. Ìbéèrè ibẹ̀ kò le: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, nọ́ńbà owó-orí yín dà, kí n kọ ọ́ sí risíìtì?"

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ náà dáadáa fún ìlà mìíràn tó máa ń yọ́ wọlé: "Ìnáwó ọ́fíìsì àti èrè, ìdá 10." Bí owó ẹyọ bá ti gbé owó àfikún tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí a ṣe rí i nínú 9,000 yẹn, ìlà yìí ń gba owó kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Lórí ilé wa, 2,500,000 séfà ni, owó-orí á sì tún gun orí rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ló tọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: kí owó ẹyọ jẹ́ ojúlówó ìnáwó, kí àfikún wà nísàlẹ̀, tàbí kí àfikún wà nínú owó ẹyọ, kí ìsàlẹ̀ mọ́. Pípa méjèèjì pọ̀ ni kò tọ́. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun tí a kò rí tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Òun lè dúró ní ìlà tirẹ̀, àmọ́ onílé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ná an. Bí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀, onílé ló ni ín.

Bí àròpọ̀ ṣe lè tọ́ kí abala wọ́

Owó ilé kì í jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí abala kan bá parí, onílé á san án. Nítorí náà, agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ tètè rí owó lè fi kún àwọn abala ìṣáájú, kó sì yọ ọ́ lára àwọn ti ìparí. Ká ní ó fi 1,500,000 kún ìpìlẹ̀ àti kọnkéré, ó sì yọ iye yẹn gan-an lára ilẹ̀kùn àti ọ̀dà. Àròpọ̀ gbogbo ṣì jẹ́ mílíọ̀nù 25. Ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ ìwé kò ní rí nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n bá rẹ́ ògiri tán, ìyẹn ní òpin abala karùn-ún, onílé á ti san 13,560,000 dípò 12,060,000. Bí agbaṣẹ́ṣe bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, 11,440,000 ló kù nínú ìwé fún ìyókù iṣẹ́, nígbà tí iṣẹ́ náà ń béèrè 12,940,000. Kò sí káfíńtà tó máa fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ lówó tí ẹlòmíràn kọ. Onílé á san mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kejì, tàbí kí ilé náà wà láìní ilẹ̀kùn.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni kí a wá ohun kan náà nínú abala méjì, ká fi owó wọn wé ara wọn. Kọnkéré ló dára jù fún èyí. Kọnkéré onírin ní Abidjan, kílò 350 sìmẹ́ńtì ni wọ́n sábà ń fi sí m³ kan: báàgì 7, pẹ̀lú nǹkan bíi 0.4 m³ iyanrìn àti 0.8 m³ òkúta wẹ́wẹ́. Bí òkúta bá jẹ́ 20,000 séfà fún m³, ohun èlò fún m³ kan jẹ́ 35,000 pẹ̀lú 4,000 pẹ̀lú 16,000, ìyẹn 55,000. Ìbáà jẹ́ inú ìpìlẹ̀ ni kọnkéré yìí ń lọ, ìbáà jẹ́ inú òpó, ohun èlò rẹ̀ kò yí padà. Ti ìpìlẹ̀ tilẹ̀ rọrùn láti dà, nítorí kò sí pé à ń gbé e gòkè. Bí dẹfí bá wá kọ 150,000 fún m³ kọnkéré ìpìlẹ̀, tó kọ 110,000 fún ti òpó, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti wọ̀ ọ́.

Àfiwé yìí kò ṣeé ṣe àfi bí ìwé bá ya kọnkéré sọ́tọ̀ ní m³, irin sọ́tọ̀ ní kílò, pákó tí wọ́n fi ń dà á sọ́tọ̀ ní m². Ìlà tó kan kọ "òpó àti bíìmù, àpapọ̀: 4,200,000" kò fi ibì kankan sílẹ̀ tí a lè gbá mú. Ohun tí a kọ ní "àpapọ̀" yẹ fún nǹkan kékeré tí kò ṣeé wọ̀n, irú bí ìpalẹ̀ ibi iṣẹ́ mọ́. Kò yẹ fún egungun tó gbé ilé ró.

Ìlà kọnkéré tí wọ́n kọ dáadáa tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ilé. Bí abala kẹta bá jẹ́ 12 m³, báàgì 84 ló gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ibi iṣẹ́ lè tọ́jú àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n tú, kí ó kà wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá da kọnkéré, kó sì ya àwọn tí wọ́n fi mọ búlọ́ọ̀kù sọ́tọ̀. Bí 60 báàgì péré bá wọ 12 m³, kílò 250 ló wà nínú m³ kan dípò 350. Onílé ti san ti 350.

Abidjan ti rí bí ilé ṣe ń wó. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ní ọdún 2022, ilé kan wó ní Treichville, òmíràn sì wó ní Angré ní Cocody, àwọn èèyàn sì kú sí i. Kíka àpò sìmẹ́ńtì kò lè rọ́pò ẹ̀ńjíníà, kò sì lè sọ bóyá irin tó wà nínú òpó tó. Fún ilé alájà, kí onílé ní kí wọ́n mú kọnkéré tútù díẹ̀ sínú àwo irin, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìdánwò, irú bí LBTP tó wà ní Abidjan níbẹ̀, kí wọ́n fọ́ ọ wò lọ́jọ́ keje àti lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Owó ìdánwò náà gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ nínú dẹfí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí kò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ san án bó bá yá.

Iye tó dúró àti iye tó lè yí

Kí wọ́n tó bọ ara wọn lọ́wọ́, onílé àti agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ sọ irú àdéhùn tó wà láàárín wọn, torí dẹfí kan náà lè túmọ̀ sí nǹkan méjì. Bí àdéhùn bá jẹ́ ti owó kan ṣoṣo, mílíọ̀nù 25 ni mílíọ̀nù 25. Bí ògiri bá jẹ́ 225 m² dípò 210, ọrùn agbaṣẹ́ṣe ló wà, àyàfi bí onílé bá yí àwòrán padà. Bí àdéhùn bá jẹ́ ti owó ẹyọ, iye inú ìwé jẹ́ ìfojúdíwọ̀n. Ohun tí wọ́n bá wọ̀n pa pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n máa san, mítà kọ̀ọ̀kan ní 9,000.

Ìpìlẹ̀ ló máa ń fi ìyàtọ̀ yìí hàn jù lọ. Ilẹ̀ Koumassi àti Marcory wà nísàlẹ̀, omi kò jìnnà sí òkè ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún ń gòkè sí i láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje tí òjò pọ̀. Ilẹ̀ tí èèyàn rò pé mítà kan máa tó lè béèrè mítà kan àti ààbọ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi abala ilẹ̀ àti ìpìlẹ̀ sí owó ẹyọ, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì fi ìyókù sí owó kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ń wọn ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, kí wọ́n wọ̀n ọ́n nínú kòtò, kì í ṣe lórí ọkọ̀. Ilẹ̀ tí a gbẹ́ jáde máa ń wú: m³ kan nínú kòtò lè di 1.25 lórí ọkọ̀. Ẹni tó bá gba owó ẹyọ ti kòtò tó sì ka ti ọkọ̀ ti gba ìdá 25 tí kò ṣiṣẹ́ fún.

Bí sìmẹ́ńtì bá gbówó lórí

Iṣẹ́ ilé lè gba oṣù mẹ́jọ, owó ọjà kì í sì í dúró dè é. Ká ní báàgì sìmẹ́ńtì lọ sókè láti 5,000 sí 5,500 kí wọ́n tó mọ ògiri. Agbaṣẹ́ṣe á wá bá onílé: "Ẹ̀gbọ́n, sìmẹ́ńtì ti fi ìdá 10 lé, ògiri náà á fi ìdá 10 lé." Lórí 1,890,000, ohun tó ń béèrè jẹ́ 189,000 séfà. Ẹni tí kò ní ju àròpọ̀ lọ́wọ́ kò lè jiyàn. Ó lè kọ̀ pátápátá, kó sì rẹ́ agbaṣẹ́ṣe jẹ, nítorí òótọ́ ni pé ọjà lọ sókè. Ó sì lè san gbogbo rẹ̀, kó rẹ́ ara rẹ̀ jẹ.

Ẹni tó ti tú 9,000 yẹn wò á padà síbẹ̀. Kílò 7 tí wọ́n fi ń mọ mítà kan lọ sókè pẹ̀lú 70 séfà. Sìmẹ́ńtì wà nínú búlọ́ọ̀kù náà. Ká ní ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fi 20 séfà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, 13 jẹ́ 260. Iyanrìn kò yí, owó bíríkìlà kò yí, ọ́fíìsì kò yí. Mítà ògiri kan lọ sókè pẹ̀lú 330 séfà. Lórí 210 m², ohun tó tọ́ sí agbaṣẹ́ṣe jẹ́ 69,300. Ìyókù, 119,700 séfà, kò ní ìdí kankan nínú ọjà.

Ìwé kan ṣoṣo ló mú kí ìjíròrò yẹn ṣeé ṣe: ojú-ìwé tí agbaṣẹ́ṣe tú owó ẹyọ rẹ̀ sí. Kò pọn dandan kó tú gbogbo ìlà. Nínú ilé bí èyí, bí ó bá tú kọnkéré, irin, ògiri, rírẹ́ àti òrùlé, ó ti tú ohun tó gbé owó jù. Kí onílé béèrè rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, kí wọ́n so ó mọ́ dẹfí. Bí agbaṣẹ́ṣe bá sọ pé àṣírí òun ni èrè òun, ó lè fi èrè rẹ̀ sí ìlà kan láìsọ bó ṣe pín in. Búlọ́ọ̀kù 13, kílò 7 àti iṣẹ́ òòjọ́ kan kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá kọ̀ láti kọ wọ́n sílẹ̀, onílé ti mọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó gbẹ́ kòtò àkọ́kọ́ pé kò ní sí ohun tí wọ́n máa fi yanjú ọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé.